Wọn Ò Bi Ìyá Òkú Léèrè

Àkùkọ àdúgbò wa ò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì tí mo fi ti ilẹ̀kùn ilé, tí mo gbé báàgì kan kọ́ apá, tí mo sì kọrí sí ibùdókọ̀. Ọ̀tà ni mò ń gbé, aṣọ rírán ni iṣẹ́ mi. Porto-Novo, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Àjàṣẹ́, ni mò ń lọ. Mi ò lọ rajà, mi ò sì lọ síbi ìnáwó. Mò ń lọ wá ìyá kan tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀, tí ilé ẹjọ́ sì torí ikú ọmọ náà dájọ́ ikú fún àbúrò mi.

Kí n tó ròyìn ọ̀nà, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó gbé mi dé ojú ọ̀nà. Káyọ̀dé ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Awakọ̀ ni. Lọ́dún tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, ó wa ọkọ̀ fún ọkùnrin méjì kan tí wọ́n lọ dá oníṣòwò kan lọ́nà. Rafíù lorúkọ oníṣòwò náà, ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń kó aṣọ kọjá bodè. Káyọ̀dé ò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò sì fọwọ́ kan ìbọn. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí wọ́n ń lọ ṣe, ó sì dúró dè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn yìnbọn, Rafíù sì kú. Mi ò ní tàn yín: àbúrò mi jẹ̀bi. Ẹ̀wọ̀n tọ́ sí i.

Ohun tó ń bí mi nínú ni èyí tó tẹ̀ lé e. Òfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà, tí mi ò ní dárúkọ, kò fún adájọ́ láyè láti ya ẹni tó yìnbọn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti jọ gbìmọ̀ ìdigunjalè tó la ikú lọ, ikú nìkan ló wà nínú ìwé. Adájọ́ sọ ọ́ létí wa pé òfin ti de òun lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n so wọ́n kọ́ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára wọn, ó sì gbàdúrà kí Ọlọ́run ṣàánú ọkàn wọn.

Nígbà yẹn, gbogbo ènìyàn ló ń rọ̀ wá pé ká fọkàn balẹ̀, pé ẹjọ́ ikú máa ń gòkè fúnra rẹ̀, pé ilé ẹjọ́ tó ga jù á tún un yẹ̀ wò láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ wọ́n. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ ibòmíràn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún ló máa fọwọ́ sí ìwé ìpẹ̀jọ́ láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn ẹbí rẹ̀ ló sì máa sá kiri kí àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́ tó tẹ gbogbo ohun tí wọ́n sọ nígbà ìgbẹ́jọ́ jáde. Bí ìwé yẹn ò bá jáde, ẹjọ́ ò lè gòkè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jókòó lé tiwa. Nígbà tó wá jáde tán, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ìdájọ́ náà dúró. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ó dúró.

Ìgbà tí ìpẹ̀jọ́ bá tán ni nǹkan kan tó ń lọ fúnra rẹ̀ wà. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà yóò lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń gba gómìnà nímọ̀ràn lórí àánú, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n bẹ̀bẹ̀, ìbáà má bẹ̀bẹ̀. Gómìnà lè dárí jì í pátápátá. Ó lè sọ ikú di ẹ̀wọ̀n gbére tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún díẹ̀. Ó sì lè fọwọ́ sí ìwé ikú. Èyí tí gómìnà kan lẹ́yìn òmíràn wá yàn ni èyí tí òfin ò kọ: wọn ò ṣe nǹkan kan. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n tó jáde láìpẹ́ yìí tiẹ̀ ní bí ọdún mẹ́wàá bá kọjá lẹ́yìn ìpẹ̀jọ́, tí wọn ò sì tíì pa ẹni náà, adájọ́ àgbà lè sọ ikú di ẹ̀wọ̀n gbére. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìpẹ̀jọ́ parí ni wọ́n ti ń kà á. Gbogbo ọdún tí ilé ẹjọ́ fi sùn lórí ìwé wa, lásán ló lọ.

Lọ́yà tó ń bá wa ṣe é láìgba owó, obìnrin pẹ̀lẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ló pè mí. Ó ní ìgbìmọ̀ àánú fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé. Wọ́n ti gba ìròyìn ìwà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ẹ̀wọ̀n, wọ́n ti gba ti dókítà. Ó ku kí wọ́n mọ ohun tí ẹbí òkú ní láti sọ. Wọ́n ti kọ̀wé sí òdìkejì bodè lẹ́ẹ̀mejì, ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

Mo ní, "Ẹ má wulẹ̀ kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Èmi á lọ."

Ó ní, "Mà, wọ́n lè lé yín o."

"Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti lé mi."

Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ Àtàn lọ sí Àgbárá nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà, kòtò ni wọ́n fi ọ̀dà díẹ̀díẹ̀ so pọ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ti rì sínú ẹrẹ̀ lápá ọ̀tún, àwa ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé onílé kọjá. Láti Àgbárá, mo wọ ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sí Sèmè. Lẹ́yìn Badagry, igi àgbọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn aṣọ́bodè náà sì pọ̀ tó igi àgbọn. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti na okùn, awakọ̀ á dúró, á na ọwọ́ jáde, a ó tún lọ. Ìjọba tí kò rí àyè tẹ ìwé ẹjọ́ jáde rí èèyàn tó pọ̀ tó láti na okùn sójú ọ̀nà.

Bodè náà ni Kraké, níwájú Sèmè. Mo fi ìwé ìrìnnà mi hàn, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Mo fi káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú hàn, obìnrin tó gbà á wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀. Mo pààrọ̀ náírà sí séfà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó jókòó sábẹ́ agbòjò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà létí mi. Ẹni tí a ń pè ní àǹtí nílé, táńtì ni wọ́n ń pè é. Kọ́sítọ́ọ̀mù wa ni wọ́n ń pè ní duáànì. Epo bẹntiróòlù wà nínú ìgò gíláàsì ńlá lẹ́bàá ọ̀nà, kpayo ni wọ́n ń pè é, ó ń dán bí oyin nínú oòrùn.

Takisí tí mo wọ̀ kó wa mẹ́rin sẹ́yìn, méjì síwájú. Awakọ̀ náà ń jẹ́ Sẹ́fírìn, Ègùn ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Nàgó dáadáa, ìyẹn Yorùbá tiwọn. Rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn olè kan tí wọ́n mú. Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú pòṣé. "Kí wọ́n yìnbọn fún gbogbo wọn!"

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo bi Sẹ́fírìn pé, "Ẹ̀yin níbí, ẹ ṣì ń pa wọ́n?"

"Rárá o, táńtì. Pẹ́ẹ̀nì-dẹ-mọ́ ti tán." Ìyẹn ni orúkọ tí Faransé ń pe ìdájọ́ ikú. "Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú òfin."

Mo ní, "Ṣé olè wá pọ̀ sí i?"

Ó yẹ ọ̀nà fún ọ̀kadà kan tó gbé pákó gbọọrọ. "Olè tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà. Ẹni tó ń jalè, ṣé ó jókòó ka ìwé òfin kó tó jáde nílé ni?"

A ya sọ́wọ́ ọ̀tún ní oríta kan tí wọ́n tún ń pè ní Sèmè, a gun afárá tó kọjá lórí ọ̀sà, mo sì rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi wọn, Àjàṣẹ́ sì yọ níwájú wa pẹ̀lú àwọn ilé àtijọ́ rẹ̀ tí ọ̀dà ara wọn ti ń ṣí.

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa ní Ọ̀tà ló bá mi wá ibi tí mo máa wọ̀ sí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni onílé mi, Yorùbá Àjàṣẹ́ pọ́ńbélé. Mèsíyè Josué, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Josué, ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ gbé àkàsà fún mi, ẹ̀kọ tiwa náà ni, àmọ́ tiwọn kan díẹ̀, pẹ̀lú ẹja díndín àti tòmátì tútù, àlùbọ́sà àti ata tí wọ́n gé sínú òróró. Nígbà tí mo jẹun tán ni mo sọ ohun tí mo bá wá, nítorí ìjọ kò tíì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo mọ ilé ikú," ó ní. "Kì í ṣe tiyín. Tiwa."

Ó ní fún ọ̀pọ̀ ọdún ni òun ń bá ìjọ lọ gbàdúrà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Missérété, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Ilẹ̀ wọn ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé pé àwọn ò ní pààyàn mọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ ìwé òfin ilẹ̀ wọn ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dájọ́ ikú mọ́. "Síbẹ̀," ó ní, "inú yàrá kan náà ni àwọn ọkùnrin yẹn wà. Ikú ti kúrò nínú òfin, kò kúrò lórí ìwé tiwọn. Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí àwọn mínísítà tó jókòó, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, 'Mèsíyè, ṣé mo ti lè máa sùn báyìí?'"

Mo ní irú ìbéèrè yẹn ni Káyọ̀dé náà ń bi mí. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá búra fún gómìnà tuntun, kì í jẹun. Bí bàtà ju ẹyọ kan lọ bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lákòókò tí kì í ṣe ti oúnjẹ, gbogbo wọn á dìde dúró. Ẹni tó yìnbọn pa Rafíù ti kú síbẹ̀, àìsàn ló pa á, kì í ṣe okùn. Èkejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri sọ̀rọ̀. Ta ló dájọ́ ìyẹn fún un? Adájọ́ wo ló kà á sí i létí pé kí orí rẹ̀ dàrú kí wọ́n tó so ó kọ́?

Mèsíyè Josué dìde. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mo mọ ilé wọn."

Sẹ́míjàn méjì la gùn, ọ̀kadà tiwọn nìyẹn, àwọn tó ń wà á wọ aṣọ aláwọ̀ kan náà. Dowa ni wọ́n gbé wa lọ. Àdúgbò ìdílé ni, àwọn ọmọ ń ta bọ́ọ̀lù ní ojú yẹ̀pẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kékeré wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Inú àgbàlá kan tí wọ́n ti sá aṣọ la bá Àlájà Sìfáwù, ìyá Rafíù. Obìnrin arúgbó ni, ara rẹ̀ ti fúyẹ́, ojú rẹ̀ kò fúyẹ́. Ọmọ rẹ̀ kejì, Gàníyù, tó ń tún ọkọ̀ ṣe, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé kí n jókòó. Mèsíyè Josué fẹ́ bá mi là á, mo ní kó jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

"Màmá, Fọláṣadé ni orúkọ mi. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tó pa Rafíù. Àbúrò mi ló wa ọkọ̀."

Gàníyù ti dìde kí n tó parí rẹ̀. "Ẹ jáde! Ẹ ní ojú láti wọ inú ilé yìí? Ẹ wá fi orúkọ apànìyàn kí wa nílé? Ẹ jáde kí n tó ṣe ohun tí mi ò fẹ́ ṣe!"

Mi ò bá a jiyàn. Mo ti ń dìde lọ nígbà tí ìyá náà sọ̀rọ̀.

"Dúró," ó ní. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "O ní àbúrò rẹ ló wa ọkọ̀. Ṣé ó ṣì wà láàyè ni?"

"Ó wà láàyè, mà. Ẹ̀wọ̀n ló wà."

Ó wo Gàníyù, Gàníyù wò ó. Ojú ọkùnrin náà ti yí padà.

"Wọ́n sọ fún wa pé wọ́n ti so wọ́n kọ́," ìyá náà ní. "Ọlọ́pàá kan ló sọ fún Gàníyù ní bodè, lọ́dún tí wọ́n parí ẹjọ́. Ó ní gbogbo wọn ti lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá kírun, ènìyàn mẹ́rin ló wà lọ́rùn mi. Ọmọ mi, àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n pa torí ọmọ mi. Mo ń bi ara mi pé ìyá tiwọn ńkọ́. Ẹ wá ń sọ pé irọ́ ni?"

Mo ní wọn ò pa ẹnikẹ́ni, mà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: ìpẹ̀jọ́, gómìnà tí kò fọwọ́ sí ikú tí kò sì fọwọ́ sí àánú, ìgbìmọ̀ tó kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ìbínú ń gun ojú rẹ̀, mo sì rò pé èmi ló ń bínú sí.

"Wọ́n kọ̀wé?" ó ní. "Wọ́n kọ ọ́ sí ta? Ọmọ mi ló kú. Nínú ẹ̀sìn tiwa, ẹbí òkú ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ̀: ṣé ẹ ó gba ẹ̀san, tàbí ẹ ó yọ́nú? Ìjọba yín ò bi mí nígbà tí wọ́n ń dájọ́. Wọn ò bi mí nígbà ìpẹ̀jọ́. Wọn ò rán ọmọdé kan kó wá sọ fún mi pé báyìí ló rí. Gbogbo ọdún yìí, orúkọ Rafíù ni wọ́n fi há àwọn èèyàn mọ́lé de ikú, èmi ìyá Rafíù ò sì mọ̀!"

Gàníyù ní, "Ìyá, ẹ rọra."

"Mi ò rọra!" Ó kọjú sí mi. "Kí ni àbúrò rẹ sọ?"

"Ó ní òun mọ ohun tí wọ́n ń lọ ṣe. Ó ní òun gbọ́ ìbọn, òun ò sì sá lọ, òun dúró kí wọ́n padà wọlé. Kò ní àwíjàre kankan."

Atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ lórí okùn. Ẹ̀rù ń bà mí, kì í ṣe pé ó lè kọ̀, bí kò ṣe pé ó lè sọ pé òun dárí jì í nítorí pé mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mi ò wá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò dárí jì í," ó ní níkẹyìn. "Kí ó yé ọ. Bí mo bá dárí jì í, Ọlọ́run ni yóò fi sí mi lọ́kàn, kì í ṣe ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pa á. Mi ò sọ ọ́ rí. Sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe fi orúkọ ọmọ mi pààyàn."

Gàníyù gbé ojú sí ilẹ̀. "Ìyá ti sọ̀rọ̀," ó ní. "Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ tèmi sí i."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà. Ó sọ òótọ́.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ sí ọ́fíìsì ìlú, mẹ́rì ni wọ́n ń pè é. Mèsíyè Josué ti kọ ọ̀rọ̀ Àlájà ní Faransé àti ní Yorùbá. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kà á sí i létí, ó bi í bóyá ẹnikẹ́ni fipá mú un. Àlájà ní ta ló lè fipá mú òun. Ó fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ orúkọ rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, wọ́n sì lu ìwé náà ní òǹtẹ̀. Bí a ṣe jáde, ó gba nọ́ńbà fóònù mi. Ó ní, "Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe, ire tàbí ibi, ìwọ ni kó o sọ fún mi. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ ní bodè mọ́."

Gàníyù ló fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé mi dé Kraké. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó gbé báàgì mi fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn àwàdà. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ìyẹn náà rí." Ó sì yí ọkọ̀ padà.

Ọ̀nà àbọ̀ náà rí bí ti àlọ, okùn kan náà, kòtò kan náà. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí mo wọ Ọ̀tà. Mi ò yà sílé, ọ̀dọ̀ lọ́yà ni mo gbà lọ. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí pé ṣé ká yọ gbólóhùn àkọ́kọ́ kúrò, èyí tí Àlájà ti ní òun ò dárí jì í. Mo ní kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, gómìnà fọwọ́ sí i: kì í ṣe ìdáríjì, ẹ̀wọ̀n gbére ni, fún Káyọ̀dé àti fún èyí tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Wọ́n kó wọn kúrò lápá àwọn tó ń dúró de okùn. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò, Káyọ̀dé ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Mo kọ̀. Mo ní, "Kò ṣe ọ́ lóore, òtítọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló sọ, lọ máa rò ó." Ó sunkún. Èmi náà sunkún, inú mi ò sì rọ̀ síbẹ̀. Ọgbọ́n tí ìrìn yìí kọ́ mi kò tó nǹkan: láti ilé mi dé ẹnu ọ̀nà ìyá yẹn, ìrìn ọjọ́ kan ni. Ìjọba tó fẹ́ pààyàn nítorí rẹ̀ ò rìn ín.

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé gan-an ni mo pe Àjàṣẹ́, kí n tó pe ẹbí tèmi. Mo sọ ọ́ fún Àlájà bó ṣe rí, mi ò bu iyọ̀ sí i. Ó tẹ́tí títí mo fi parí.

"Wọn ò ní pa á mọ́?"

"Wọn ò ní pa á mọ́, mà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló máa wà."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Lálẹ́ òní, ẹkún Rafíù nìkan ni mo máa sun."